Bí a ṣe ń kọ ìwé àlàyé ìpẹ̀jọ́ láti inú ìtàn tí ìdánwò bá fún wa

Nínú ìdánwò Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà, ní apá tó jẹ mọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, irú ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè. Wọ́n á ròyìn oníbàárà kan fún ọ, wọ́n á sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ àti ohun tó ná an, wọ́n á wá ní kí o kọ ìwé àlàyé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀. Ìwé yìí ni olùpẹjọ́ fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ń béèrè, òun náà ni olùjẹ́jọ́ máa dáhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní yàrá ìdánwò àti ní kóòtù. Yorùbá ni màá fi kọ àpẹẹrẹ tiwa níbí, kí ìdí tí a fi kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè yé wa.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ bí ojú ìwé náà ṣe ń rí: àkọlé lókè, ìpínrọ̀ oní-nọ́ńbà láàárín, ìbuwọ́lù nísàlẹ̀. Ibi tí máàkì ti ń sọnù ni yíyan ohun tó yẹ kó wọlé. Ẹni tó ṣe ìbéèrè máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ọ̀rọ̀ tó dùn létí tí kò wúlò pọ̀ mọ́ gbólóhùn kékeré kan tí ẹjọ́ kò lè dúró láìsí i.

Ìtàn náà

Ẹ jẹ́ ká lo èyí. Àdùkẹ́ ló ni ilé búrẹ́dì kan ní Yábà, ní Èkó. Orúkọ òwò lásán ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò dá kọ́ńpínnì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2024, ó lọ bá kọ́ńpínnì kan tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Apápá. Ó sọ fún máníjà wọn pé jẹnẹrétọ̀ òun ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé bí òmíràn kò bá tètè dé, ẹ̀rọ tí òun fi ń po ìyẹ̀fun àti ààrò òun kò ní ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ àdéhùn tí wọ́n sì fọwọ́ sí i: jẹnẹrétọ̀ tuntun kan, ₦9,600,000, àsansílẹ̀ ₦6,000,000, wọ́n á gbé e dé ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní Yábà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2024, á sì san ₦3,600,000 tó kù lọ́jọ́ náà.

Ó fi tiransifá san ₦6,000,000 ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, wọ́n fún un ní rìsíìtì. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin kọjá, jẹnẹrétọ̀ kò dé. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ó ń háyà jẹnẹrétọ̀ ní ₦40,000 lójúmọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yá a ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó pe máníjà lórí fóònù, ńṣe ló bú u. Lẹ́yìn náà ló rí ọkùnrin náà nínú mọ́tò tuntun, ó ní owó òun ló fi rà á, pé jìbìtì ni wọ́n lu òun.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ lẹ́tà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024: ó fòpin sí àdéhùn náà, ó ní kí wọ́n dá owó padà láàárín ọjọ́ 7. Ní ọjọ́ 17, kọ́ńpínnì fèsì pé dọ́là ti wọ́n, kí ó fi ₦4,000,000 kún un kí àwọn tó gbé ọjà wá. Ní ọjọ́ 24, wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn tí wọ́n kọ «wídáótì pẹ̀júdíìsì» sí lókè, pé kí ó gba ₦3,000,000 kí ọ̀rọ̀ parí. Àdùkẹ́ kò gbà. Ìbéèrè ní: kọ ìwé àlàyé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ fún Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, Ẹ̀ka Ìdájọ́ Èkó.

Kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin ní kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀

Má tíì kọ nǹkan kan. Fa ìlà sórí ìwé tí o fi ń ṣiṣẹ́ tì, kí o kọ ohun tí ẹni tó ń pẹjọ́ nítorí àdéhùn gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé àdéhùn wà àti ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òun ṣe ti òun, pé ẹnìkejì yẹ̀ ẹ́, pé yíyẹ̀ náà kó òun sí gbèsè tàbí òfò. Lẹ́yìn náà, padà sínú ìtàn, kí o gbé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ èyí tó bá mu. Gbólóhùn tí kò bá rí ibì kankan bọ́ sí, fi í sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ ọkọ kò rí ibi kankan bọ́ sí. Èébú náà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dunni tó, nítorí ẹjọ́ àdéhùn ni, kì í ṣe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Mọ́tò tuntun náà kò wọlé.

Jìbìtì ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí, torí ẹnu oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó bá kọ jìbìtì sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ to kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀: irọ́ wo ni wọ́n pa, ta ló pa á, ọjọ́ wo, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí pé jìbìtì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, Òfin Ẹ̀rí 2011, ní abala 135, ní kí ẹni tó fi kanni fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì, kódà nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Kò sí èyíkéyìí nínú kúlẹ̀kúlẹ̀ yìí nínú ìtàn tiwa. Kọ́ńpínnì tó gbowó tí kò gbé ọjà wá ti yẹ àdéhùn, ìyẹn sì tó Àdùkẹ́ láti borí. Bí o bá kọ jìbìtì, o ti di ẹrù tí kò pọn dandan lé e lórí.

Ní báyìí, wo gbólóhùn tó dà bí ìtàkúrọ̀sọ lásán: ohun tó sọ fún máníjà nípa ààrò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á fò ó. Òun ló gbé ₦2,400,000 owó háyà dúró. Láti ìgbà ẹjọ́ Hadley àti Baxendale, tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1854 tí kóòtù Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé, òfò tí ẹni tó yẹ àdéhùn máa san ni èyí tó máa ń tẹ̀ lé irú yíyẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí èyí tí àwọn méjèèjì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn. Nínú ẹjọ́ yẹn, ẹni tó ń gbé irin ẹ̀rọ ọlọ kan lọ pẹ́ lójú ọ̀nà, ọlọ dúró, àwọn tó ni ín sì béèrè èrè tí wọ́n pàdánù. Wọn kò rí i gbà, torí kóòtù rí i pé aláàárù náà kò mọ̀ pé ọlọ kò ní ṣiṣẹ́ láìsí irin náà. Àdùkẹ́ ti sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ìyẹn kò bá sí nínú ìwé rẹ, agbẹjọ́rò kejì á ní òun kò mọ ohun tó kan òun pẹ̀lú háyà. Ohun tí o kò sì kọ sínú ìwé, o kò lè mú ẹ̀rí wá lé e lórí lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́.

Lẹ́tà méjì tí kọ́ńpínnì kọ kò rí bákan náà. Ti ọjọ́ 17 wúlò gan-an: wọ́n gbà níbẹ̀ pé àdéhùn wà àti pé ọjà kò tíì lọ. Ti ọjọ́ 24 kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. Abala 196 Òfin Ẹ̀rí 2011 kò jẹ́ kí a mú ìwé tí wọ́n kọ «wídáótì pẹ̀júdíìsì» sí wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí wọ́n bá kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń wá bí aáwọ̀ á ṣe parí láìdé kóòtù. Ẹni tó ń máàkì ń wò ó bóyá o máa mẹ́nu kàn án.

Ta ni a máa pè lẹ́jọ́, ta sì ni olùpẹjọ́?

Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ni olùpẹjọ́. Orúkọ òwò kì í ṣe ènìyàn lójú òfin, kò lè dá pẹjọ́. Kọ́ńpínnì náà ni olùjẹ́jọ́, ní orúkọ rẹ̀ pípé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi «Limited» tó fi hàn pé gbèsè àwọn tó ni kọ́ńpínnì náà ní ìwọ̀n. Má fi máníjà kún un. Aṣojú ni, ẹni tó ń ṣojú fún sì hàn gbangba nínú ìwé àdéhùn. Òun kọ́ ló gbowó, òun kọ́ ló ṣèlérí.

Àkọlé kò ní wàhálà: orúkọ ilé-ẹjọ́, ẹ̀ka rẹ̀ àti ibi tó fìkalẹ̀ sí, àyè òfìfo fún nọ́ńbà ẹjọ́, torí akọ̀wé kóòtù ló ń fún ni, orúkọ olùpẹjọ́, «àti», orúkọ olùjẹ́jọ́, lẹ́yìn náà, orúkọ ìwé náà láàárín. Ní Èkó, «Claimant» ni ìlànà ilé-ẹjọ́ ń pe olùpẹjọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni kí o lò. Má lo «Plaintiff», orúkọ àtijọ́ tí kóòtù Èkó ti fi sílẹ̀ tipẹ́.

Kíkọ ara ìwé náà

Òfin kan ló wà níbí tí mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára: kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, má kọ ẹ̀rí tí o máa fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀, má sì kọ òfin. Wo ìpínrọ̀ burúkú yìí: «Olùpẹjọ́ lọ sí báńkì rẹ̀, akọ̀wé báńkì sì tẹ àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ fún un, níbi tó ti hàn pé owó kúrò, èyí sì tako òfin ọjà títà.» Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ó san ₦6,000,000 ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2024 lọ. Báńkì àti akọ̀wé rẹ̀ á wà nínú ìwé ìbúra ẹlẹ́rìí. Òfin á wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ìwé àdéhùn: sọ ohun tí májẹ̀mú rẹ̀ dá lé lórí, kí o sì sọ pé o máa gbára lé e, má da gbogbo rẹ̀ kọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìpínrọ̀ kan. Bí olùjẹ́jọ́ bá lè gba ìdajì ìpínrọ̀ rẹ kó sì kọ ìdajì, o ti fún un ní ibi sá sí. Ọjọ́ àti owó, fi nọ́ńbà kọ wọ́n. Báyìí ni màá ṣe kọ ti Àdùkẹ́:

1. Olùpẹjọ́ jẹ́ oníṣòwò tó ń ṣe búrẹ́dì tà ní [àdírẹ́sì], Yábà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

2. Olùjẹ́jọ́ jẹ́ kọ́ńpínnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó ń ta jẹnẹrétọ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní [àdírẹ́sì], Apápá, Ìpínlẹ̀ Èkó.

3. Nínú àdéhùn alákọsílẹ̀ ti ọjọ́ 4/3/2024, olùjẹ́jọ́ gbà láti ta jẹnẹrétọ̀ tuntun kan fún olùpẹjọ́ ní ₦9,600,000. Olùpẹjọ́ máa gbára lé ìwé àdéhùn náà nígbà ìgbẹ́jọ́.

4. Ó wà nínú májẹ̀mú àdéhùn náà pé:
(a) olùpẹjọ́ máa san àsansílẹ̀ ₦6,000,000;
(b) olùjẹ́jọ́ máa gbé jẹnẹrétọ̀ náà dé ilé búrẹ́dì olùpẹjọ́ ní Yábà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 2/4/2024;
(d) olùpẹjọ́ máa san ₦3,600,000 tó kù nígbà tí ọjà bá dé.

5. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọjọ́ 4/3/2024, olùpẹjọ́ sọ fún olùjẹ́jọ́, nípasẹ̀ máníjà rẹ̀, pé jẹnẹrétọ̀ òun ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe àti pé ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun àti ààrò òun kò lè ṣiṣẹ́ láìsí òmíràn.

6. Olùpẹjọ́ san ₦6,000,000 náà fún olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 6/3/2024, olùjẹ́jọ́ sì fún un ní rìsíìtì. Olùpẹjọ́ máa gbára lé rìsíìtì náà.

7. Olùjẹ́jọ́ yẹ àdéhùn náà, ní ti pé kò gbé jẹnẹrétọ̀ náà wá ní ọjọ́ 2/4/2024, kò sì tíì gbé e wá títí di òní.

8. Nítorí yíyẹ̀ tí olùjẹ́jọ́ yẹ àdéhùn yìí, olùpẹjọ́ háyà jẹnẹrétọ̀ mìíràn láti ọjọ́ 3/4/2024 sí ọjọ́ 1/6/2024 kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa dúró.

9. Nínú lẹ́tà ọjọ́ 10/6/2024, olùpẹjọ́, nípasẹ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀, fòpin sí àdéhùn náà, ó sì béèrè kí olùjẹ́jọ́ dá ₦6,000,000 náà padà láàárín ọjọ́ 7. A ń sọ fún olùjẹ́jọ́ pé kó mú ojúlówó lẹ́tà náà wá nígbà ìgbẹ́jọ́.

10. Olùjẹ́jọ́ fèsì nínú lẹ́tà ọjọ́ 17/6/2024, ó ní òun kò ní gbé ọjà náà wá àfi bí olùpẹjọ́ bá san ₦4,000,000 kún un. Olùpẹjọ́ máa gbára lé lẹ́tà náà.

11. Kò sí májẹ̀mú kankan nínú àdéhùn náà tó fún olùjẹ́jọ́ láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

12. Olùpẹjọ́ kò rí nǹkan kan gbà fún ₦6,000,000 tó san, olùjẹ́jọ́ kò sì dá a padà.

13. Olùpẹjọ́ ti pàdánù owó nítorí yíyẹ̀ náà.
Kúlẹ̀kúlẹ̀ àdánù: owó háyà jẹnẹrétọ̀ láti 3/4/2024 sí 1/6/2024, ọjọ́ 60, ní ₦40,000 lójúmọ́ = ₦2,400,000.

Ẹ wo ìpínrọ̀ 9 dáadáa. Ìdí kejì wà tí ó fi wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé a fẹ́ fi hàn pé a kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó fẹ́ gba àsansílẹ̀ rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ti pa àdéhùn náà tì. Bí ìwé kò bá sọ bẹ́ẹ̀, olùjẹ́jọ́ lè dìde kó ní àdéhùn ṣì wà, pé jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀ báyìí, kí Àdùkẹ́ wá san àṣẹ́kù. Ojúlówó lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́; gbólóhùn ìkẹyìn ìpínrọ̀ náà ló máa jẹ́ ká lè lo ẹ̀dà rẹ̀ bí wọ́n bá kọ̀ láti mú un wá.

Ìpínrọ̀ 13 ni kí o tún fi ọwọ́ kà. Owó àdánù tó ṣeé kà gbọ́dọ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, kúlẹ̀kúlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ròpọ̀: oṣù Kẹrin láti ọjọ́ 3 jẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún jẹ́ 31, ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ó di 60. Bí o bá kọ 59 tàbí 61, kì í ṣe ẹni tó ń máàkì nìkan ló máa rí i. Ní kóòtù gidi, ibẹ̀ gan-an ni agbẹjọ́rò kejì ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè

Lẹ́yìn ìpínrọ̀ 13, kọ «Nítorí náà, olùpẹjọ́ ń béèrè lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́»:

(a) ₦6,000,000, owó tó san fún ọjà tí kò rí gbà;
(b) ₦2,400,000, owó àdánù;
(d) èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí owó tí ilé-ẹjọ́ bá dá fún un, láti ọjọ́ ìdájọ́ títí tí wọ́n á fi san án tán;
(e) owó tó ná lórí ẹjọ́ yìí.

Ẹni tó bá ti ń wo ìwé agbẹjọ́rò á béèrè pé owó gbà-má-bínú dà, torí mílíọ̀nù 10 tàbí 20 owó gbà-má-bínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣà. Nínú ẹjọ́ àdéhùn, kóòtù Nàìjíríà kì í fẹ́ san òfò kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Bí a bá ti dá àsansílẹ̀ padà tí a sì ti san owó háyà, òfò wo ló kù tí a fẹ́ kí wọ́n fi gbà-má-bínú dí? Bí ìtàn bá sọ òfò mìíràn, kọ ọ́. Tiwa kò sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n á ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi kì í kọ ọ́.

Èlé tó ṣáájú ìdájọ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a kàn ń tọrọ. O gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ nínú ìpínrọ̀: pé ó wà nínú àdéhùn, pé àṣà òwò náà ni, tàbí pé ìwà olùjẹ́jọ́ mú kó tọ́ kí wọ́n gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìtàn tiwa, àdéhùn kò sọ nǹkan kan nípa èlé. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè rẹ̀ á ní láti fi ìpínrọ̀ kan kún un pé olùjẹ́jọ́ ti di owó náà mú tó sì ń fi ṣòwò, pẹ̀lú ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ torí ìtàn kò sọ pé wọ́n fi ṣòwò. Ìdánwò kò ní kí o hùmọ̀ ọ̀rọ̀.

Ìbuwọ́lù

Kọ ọjọ́, kí o sì buwọ́ lù ú lókè orúkọ agbẹjọ́rò kan pàtó. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé ìwé tí wọ́n buwọ́ lù ní orúkọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò, torí ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà nìkan ni òfin gbà láyè. Orúkọ ilé-iṣẹ́ lè wà lábẹ́ orúkọ ẹni náà, pẹ̀lú àdírẹ́sì, kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí ìbéèrè bá fún ọ ní orúkọ agbẹjọ́rò, lò ó. Bí kò bá fún ọ, fi orúkọ àfojúinú sí i, má fi tìrẹ, torí ìdánwò kì í fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìwé.

Lábẹ́ rẹ̀, ní apá òsì, kọ «Fún ìfijíṣẹ́ lọ́dọ̀: olùjẹ́jọ́» àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní Apápá bí ó ṣe wà ní ìpínrọ̀ 2. Ìwé ìbúra ẹlẹ́rìí, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ̀dà àwọn ìwé tí a gbára lé àti ìwé tó fi hàn pé wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí aáwọ̀ máa ń bá ìwé yìí rìn lọ sí kóòtù ní Èkó. Bí ìbéèrè kò bá ní kí o kọ wọ́n, má kọ wọ́n.